Ìwé Ìṣirò Bàbá Ìbejì: Kálórì Inú Àwo Kì Í Ṣe Owó Tí A Lè Kà Tán

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní àdúgbò Kúbúwà, ní ìlú Àbújá tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ìyá àgbà kan péjọ láti bá a ṣe ayẹyẹ àádọ́rin ọdún tí ó dé ilé ayé. Iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò láti ìdájí. Òórùn ata àti àlùbọ́sà ti gba gbogbo àgbàlá, àwọn ọmọdé sì ń sáré káàkiri lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n ta fún àwọn àlejò.

Ọmọkùnrin kejì tí ìyá náà bí, òṣìṣẹ́ ìjọba ẹni ọdún 52 tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ìbejì, dé kí àlejò kankan tó dé. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú àpò rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bùn tí ó mú wá fún ìyá rẹ̀: òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn oúnjẹ, ìwé pélébé kan, àti gègé ìkọ̀wé. Ó ti pinnu pé kò sí ohun tí yóò gba ẹnu òun kọjá lọ́jọ́ náà tí òun kò ní kọ iye kálórì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìpinnu yìí kì í ṣe ti ṣekárími. Àrùn àtọ̀gbẹ ni ó mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kí bàbá náà tó jáde láyé. Ní oṣù méjì ṣáájú ayẹyẹ yìí, Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó tó jẹun. Èsì àyẹ̀wò náà fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ míligíráàmù 118 nínú désílítà kan. Bí ó bá tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún àyẹ̀wò ṣe tí ó rí bákan náà, àtọ̀gbẹ ni dókítà yóò pè é. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 118 kò tíì ní àrùn náà, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Dókítà sọ fún un pé kí ó dín ìsanra rẹ̀ kù, nítorí pé ó wọn kílógíráàmù 94, kí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ má sì kọjá kálórì 1,800.

Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí ó wà nínú oúnjẹ. Èyí tí a ń sọ nípa oúnjẹ ni ìwọ̀n ooru tí yóò mú kí omi kílógíráàmù kan gbóná sí i ní ìwọ̀n kan péré lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bàbá Ìbejì, tí ó ti fi ogún ọdún ṣe ìṣirò owó ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, gbà pé bí òun ti ń ka owó ni òun yóò máa ka kálórì: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti iye tí ó ṣẹ́kù.

Ìyá rẹ̀ bá a nídìí ìkòkò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Òun àti ọmọkùnrin kan ti gbé ìkòkò náà sórí òṣùwọ̀n ńlá tí a fi ń wọn ara ènìyàn. Kílógíráàmù 16 àti ààbọ̀ ni ó wọn pẹ̀lú oúnjẹ inú rẹ̀. Nígbà tí ó béèrè, wọ́n wọn irú ìkòkò kan náà tí ó ṣófo, ó sì jẹ́ kílógíráàmù 4. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ọkọ mi,” ni ó wí, “ṣé o fẹ́ ta ìrẹsì yìí ni?”

“Rárá o, Màámi. Mo fẹ́ mọ iye òróró tí ẹ dà sí i.”

“Òróró kẹ̀? Mo wo ojú ọbẹ̀, mo sì dà á títí ó fi tó.”

Nígbà tí àsìkò oúnjẹ tó, Bàbá Ìbejì bu ìrẹsì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé àwo sórí òṣùwọ̀n kékeré náà, ó yọ ìwọ̀n àwo kúrò, ó sì rí gíráàmù 350. Ó ti kà níbì kan pé gíráàmù 100 ìrẹsì ní kálórì 360, nítorí náà ó kọ 1,260. Ó kọ 200 fún ẹran díndín tí ó wọn gíráàmù 80, ó kọ 220 fún mọ́ínmọ́ín kan, ó sì fi 110 tí ó jẹ́ ti tíì àti búrẹ́dì òwúrọ̀ kún un. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,790. Kálórì mẹ́wàá péré ni ó kù. Inú rẹ̀ dùn, ó sì pa ìwé dé.

Kò pẹ́ ni ìyá rẹ̀ jáde láti inú ilé pẹ̀lú àwo kan tí ó fi aṣọ bò. Iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè. Kò gbé e wá fún àlejò kankan. Ọmọ tí ó fẹ́ràn iyán láti kékeré ni ó gbé e wá fún.

“Ẹ ṣé, Màámi,” ni Bàbá Ìbejì dáhùn. “Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ ẹ́. Kálórì mẹ́wàá péré ni ó kù fún mi títí di ọ̀la.”

Ìyá náà kò jiyàn. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìwé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀, ó sì gbé iyán náà padà sínú ilé. Àwọn tí ó wà nítòsí rí i pé ojú rẹ̀ yí padà.

Ìrẹsì tútù àti ìrẹsì jíjinná

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa oúnjẹ ní ilé ìwòsàn kan, jókòó nítòsí. Ó tọrọ ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò tíì kà á dé ìsàlẹ̀ tí ó fi gbé ojú sókè.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ẹ ti rí 360 yìí?”

“Nínú ìwé. Gíráàmù 100 ìrẹsì.”

“Òótọ́ ni ìwé sọ, sà. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tútù ni, èyí tí a kò tíì sè. Èyí tí ẹ wọ̀n ti mu omi.”

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń ka kálórì, ó sì rọrùn láti dá mọ̀. Bí ìrẹsì bá ti ń jinná, omi ni ó ń wọ inú rẹ̀, omi kò sì ní kálórì kankan. Gíráàmù 100 ìrẹsì funfun tí a sè sí omi lásán, láìsí òróró, kì í ju nǹkan bí kálórì 130 lọ. Ìdí nìyí tí àtẹ èròjà oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2012 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2019, fi ya oúnjẹ tútù sọ́tọ̀ kúrò lára oúnjẹ sísè. Ẹni tí ó bá wọn oúnjẹ lẹ́yìn tí ó jinná gbọ́dọ̀ wá iye ti èyí tí ó jinná. Bí ẹnì kan bá rí i pé àwo ìrẹsì kan ṣoṣo fẹ́ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kí ó yẹ ìwé rẹ̀ wò bóyá òun kò fi iye ìrẹsì tútù ṣírò èyí tí ó ti jinná.

Òróró tí a fi ojú wọ̀n

Ṣùgbọ́n 130 náà kò lè jẹ́ iye ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, nítorí pé ata àti òróró wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà rí i pé ìwọ̀n ìkòkò tí ẹ̀gbọ́n òun kọ sílẹ̀ láàárọ̀, tí kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe, ni ó wúlò jù nínú ìwé náà. Bí a bá yọ 4 kúrò nínú 16 àti ààbọ̀, oúnjẹ inú ìkòkò jẹ́ kílógíráàmù 12 àti ààbọ̀. Ohun tí ó kù ni láti mọ ohun tí ó wọ inú ìkòkò náà.

Mùdù mẹ́ta ìrẹsì ni wọ́n sè. Mùdù ni abọ́ tí àwọn ọlọ́jà fi ń wọn oúnjẹ ní Àbújá, ti ọlọ́jà kan sì lè tóbi ju ti èkejì lọ. Ó bu mùdù kan nínú èyí tí ó ṣẹ́kù nínú àpò, ó wọ̀n ọ́n, ó sì rí gíráàmù 1,400. Mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 4,200, èyí tí kálórì rẹ̀ tó 15,120. Ó fi 1,000 kún un fún tòmátì, ata àti àlùbọ́sà.

Ọ̀rọ̀ òróró ni kò níyanjú. Ìyá àgbà sọ pé ojú òun ni òun fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a dáná sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan, èkejì sì búra pé díẹ̀ ni ó fi ju ààbọ̀ lítà lọ. Gíráàmù òróró kan ní kálórì 9, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì ti gíráàmù afáralókun tàbí amáradàgbà lọ. Nítorí náà ọ̀dọ́bìnrin náà ṣe ìṣirò méjì. Bí òróró bá jẹ́ mìlílítà 600, yóò mú kálórì tí ó tó 4,900 wá. Bí ó bá jẹ́ lítà kan, yóò mú nǹkan bí 8,200 wá. Nígbà tí ó pín àròpọ̀ ìkòkò náà sí gíráàmù 100 kọ̀ọ̀kan, ó rí nǹkan bí 168 nínú ìṣirò kìíní, àti nǹkan bí 195 nínú ìkejì.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé gíráàmù 350 tí Bàbá Ìbejì jẹ wà láàrin kálórì 590 àti 680. Kò sún mọ́ 1,260 tí ó kọ. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ó wà gan-an láàrin méjèèjì, nítorí pé kò sí ẹni tí ó wọn òróró náà. Kódà bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, òróró kì í dúró sí ojú kan nínú ìkòkò. Ìgbákọ tí a bù láti òkè lè yàtọ̀ sí èyí tí a bù láti ìsàlẹ̀.

Ohun tí ẹnu jẹ tí gègé kò kọ

Ọ̀dọ́bìnrin náà tún béèrè ìbéèrè kan. “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ẹ jẹ nígbà tí ẹ wà nídìí iná?”

Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ sọ pé òun kò jẹ nǹkan kan. Nígbà tí ó yá, ó rántí pé wọ́n ní kí òun tọ́ ẹran díndín wò, ó sì tọ́ ọ wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó tún rántí ife sóbò tí wọ́n fi pàdé rẹ̀, tí ṣúgà sì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ni ó pa. Ọkàn ènìyàn kì í ka ohun tí kò bá wà nínú àwo sí oúnjẹ. Ní ọdún 1992, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn tí wọ́n sanra tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn kò jẹun púpọ̀ síbẹ̀ àwọn kò fọn. Nígbà tí wọ́n fi omi àkànṣe tí a lè tọpa rẹ̀ nínú ara wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé oúnjẹ tí àwọn ènìyàn náà kọ sílẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí wọ́n jẹ lọ.

Àwọn méjèèjì wá tún ìwé náà kọ, wọ́n sì fún ohun kọ̀ọ̀kan ní iye méjì, èyí tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù. Ìrẹsì jẹ́ 590 sí 680. Ẹran inú àwo jẹ́ 200 sí 280, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ iye òróró tí ẹran fà nínú agbada. Mọ́ínmọ́ín jẹ́ 180 sí 280, ẹran tí ó tọ́ wò jẹ́ 130 sí 200, sóbò sì jẹ́ 90 sí 140. Pẹ̀lú 110 ti òwúrọ̀, oúnjẹ tí ó ti jẹ wà láàrin 1,300 àti 1,690. Iye 1,790 tí ó tìtorí rẹ̀ kọ iyán ìyá rẹ̀ kò sí ní ibì kankan nínú rẹ̀.

Níbo ni iye náà ti wá?

Bàbá Ìbejì gbà pé ọwọ́ òun ni àṣìṣe ti wá. Ṣùgbọ́n ó ní bí ènìyàn bá wọn gbogbo nǹkan dáadáa, ṣé iye náà kò ní pé pérépéré? Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí.

Ìdí rẹ̀ ni pé iye tí a kọ sínú ìwé pàápàá jẹ́ ìdíyelé. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Wilbur Atwater, ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó bí i ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó sun oúnjẹ níná láti wọn ooru tí ó ti ara rẹ̀ jáde, ó sì yọ agbára tí ó bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ó bí òfin tí a ń lò títí di òní, pé gíráàmù amáradàgbà kan ní kálórì 4, ti afáralókun ní 4, ti ọ̀rá sì ní 9. Àwọn iye mẹ́ta yìí jẹ́ ìpíndọ́gba fún oríṣiríṣi oúnjẹ tí a pò pọ̀. Wọn kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀gúsí kan pàtó tí a rà ní ọjà Kúbúwà.

Bí a bá ṣe ṣe oúnjẹ náà sí tún ń yí i padà. Ní ọdún 1980, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀pà odidi, ẹ̀pà lílọ̀ àti òróró ẹ̀pà ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rá tí ó bá ìgbẹ́ jáde pọ̀ jù nígbà tí wọ́n jẹ ẹ̀pà odidi, ó sì kéré jù nígbà tí wọ́n jẹ òróró rẹ̀. Ọ̀rá tí a fi sẹ́nu tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n èyí tí ara gbà kò dọ́gba.

Àní 1,800 tí dókítà fún un náà kì í ṣe iye tí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n láti inú ara rẹ̀. Irú iye bẹ́ẹ̀ ni a máa ń fi ìlànà ìṣirò gbé kalẹ̀ láti ara ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tí a ń lò jù ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1990 láti ara ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 498. Fún ọkùnrin ẹni ọdún 52 tí ó wọn kílógíráàmù 94, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 172 bíi ti Bàbá Ìbejì, ìlànà náà sọ pé ara yóò lo kálórì 1,760 lójúmọ́ bí ó tilẹ̀ sùn kalẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣìnà sókè tàbí sísàlẹ̀, èyí tí ó tó kálórì 176. Ẹni tí ó ń jà nítorí kálórì mẹ́wàá ń jà nítorí ohun tí kò sí òṣùwọ̀n tí ó lè rí i.

Adájọ́ ni ara

“Ṣé kí n sun ìwé náà níná ni?” ni Bàbá Ìbejì béèrè.

“Rárá, sà. Ẹ máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ara yín ṣe ìdájọ́, kí ìwé jẹ́ ẹlẹ́rìí.”

Ó ṣàlàyé pé àṣìṣe tí kò yí padà kì í ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ènìyàn bá ń kọ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, kí ó wọn ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti tọ̀ tán kí ó tó jẹun. Kí ó má ṣe fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ìdájọ́, nítorí pé omi àti iyọ̀ lè mú kí ìwọ̀n ara lọ sókè tàbí sódò ní kílógíráàmù kan tàbí méjì láìjẹ́ pé ọ̀rá pọ̀ tàbí dín kù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí ìwọ̀n náà kò sì dín kù, oúnjẹ rẹ̀ kò kéré sí ohun tí ara rẹ̀ ń lò, ohunkóhun tí ìwé lè wí. Ohun tí yóò kọ́kọ́ gé ni òróró, nítorí pé ṣíbí ìjẹun ńlá kan péré tó nǹkan bí kálórì 120. Ẹni tí ó bá ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ni kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ rẹ̀ kù láìsọ fún dókítà rẹ̀, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà já wálẹ̀ lójijì.

Bàbá Ìbejì dìde, ó sì wọ inú ilé lọ bá ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì sọ fún un pé ìṣirò òun ni kò tọ́. Ìyá náà ní kí ó dìde, ó sì ṣí àwo náà. Iyán tí ó tó ẹ̀kún ọwọ́ kan ni wọ́n bù fún un, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò kún ìgbákọ, wọ́n sì jọ jẹun nínú yàrá níbi tí àwọn àlejò kò ti rí wọn.

Ó kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn náà: 270 sí 340. Àròpọ̀ ọjọ́ náà wà láàrin 1,570 àti 2,030. Kò lè sọ bóyá òun kọjá 1,800 tàbí òun kò kọjá rẹ̀, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì tí kò sùn pẹ̀lú ìdààmú lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó wọn kílógíráàmù 90 àti ààbọ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ti wálẹ̀ sí 106. Kò tíì dé ibi tí dókítà fẹ́, èyí tí kò tó 100, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní ẹnu ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà wọlé. Iye méjì ni ó ń kọ fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan báyìí. Nígbà tí ó tún lọ sí Kúbúwà, ó bá ife kékeré kan tí wọ́n fi ìlà sí lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì òróró nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀.

“Ojú mi ni mo ṣì fi ń wọ̀n ọ́n,” ni ìyá náà sọ, “ṣùgbọ́n mo ń da ohun tí ojú mi bá rí sínú ife yẹn ná, kí n lè sọ iye rẹ̀ fún ọ.”